Ẹ bá mi wo fọ́tò yìí, púríńtà ò gbọ́ ti làpútọ́ọ̀pù tuntun

Alátẹ̀wé Agbowó

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará mi. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Agbowó níbí, òdìkejì géètì Yunifásítì, kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, púríńtà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò. Kéébù ló so púríńtà yẹn mọ́ kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lórí tábìlì, àwọn méjì tó kù ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ra làpútọ́ọ̀pù kan, tòkunbọ̀ ni àmọ́ ó mọ́ dáadáa, mo fẹ́ kó rọ́pò èyí tó ti ń kú sí mi lọ́wọ́. Gbogbo nǹkan ló ń ṣe, ó ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ń ṣí fáìlì, ṣùgbọ́n tí mo bá ní kó mú púríńtà yẹn báyìí, àpótí kékeré kan á yọ sójú síkíríìnì, á ní òun ò lè ṣe é. Ohun tó kọ wà nínú fọ́tò tí mo fi sísàlẹ̀ yìí, ẹ wò ó, kí ẹ sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi. Àwọn ọmọ tó ń ṣe próójẹ́ẹ̀tì ti tò sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ jọ̀ọ́.

`file:///C:/Users/HP/Desktop/asise.png`

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Fọ́tò yẹn ò ṣí fún mi àmọ́ ẹ má ṣèyọnu, mo ti mọ ohun tó ń ṣe é. 0x0000011b ni. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 tí Microsoft ti gbé ábúdéètì kan jáde ni púríńtà tí wọ́n bá ń pín lò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe báyìí, mo ti tún un ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó tó mẹ́fà láàárín Mọ́kọ́lá sí Dùgbẹ̀. Ẹ lọ sídìí kọ̀ǹpútà tí kéébù púríńtà wà lára ẹ̀, ẹ ṣí Command Prompt, àmọ́ Run as administrator ni kí ẹ fi ṣí i o, kí ẹ wá tẹ èyí:

```
reg add "HKLM\System\CurrentControlSet\Control\Print" /v RpcAuthnLevelPrivacyEnabled /t REG_DWORD /d 0 /f
```

Ẹ ríìsítáàtì ẹ̀, ó ti tán nìyẹn.

Onípọ́ọ̀sì Ṣángo

Màmá, fọ́tò yín ló tóbi jù. Èmi náà máa ń ní ìṣòro yẹn tí mo bá fẹ́ fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí kásítọ́mà, ó máa kàn máa yí roboto ni, kò ní lọ. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n gé ẹ̀gbẹ́ fọ́tò yẹn dànù kó ku ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìkan, tàbí kí n lọ dúró síta níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa. Tí ẹ bá ti lè ṣe ìyẹn, ó máa lọ.

Alátẹ̀wé Agbowó

Ẹ ṣé o. Ọmọ Mọ́kọ́lá, mo ti tẹ ohun tí ẹ sọ, ó ní ó ti ṣe, mo sì ríìsítáàtì, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ló tún kọ fún mi. Mo tún ti fi fóònù ya fọ́tò míì báyìí, ẹ bá mi wò ó, òun nìyí.

`IMG-20250310-WA0014.jpg`

Ohun tí mo rántí níbẹ̀ ni pé òdo pọ̀, 7 sì wà nínú ẹ̀. Kásítọ́mà ló tẹ OK kí n tó kà á tán.

Akẹ́kọ̀ọ́ Apẹ̀tẹ̀

Tí 7 bá wà níbẹ̀, a jẹ́ pé 0x0000007e ni mà. Ó ṣe wá bẹ́ẹ̀ ní họ́ọ̀sìtẹ́ẹ̀lì. Dúráífà púríńtà ni ò pé, fáìlì kan ló ń wá tí kò rí. Lórí làpútọ́ọ̀pù yẹn ẹ di Windows àti R mú pọ̀, ẹ tẹ `printui /s /t2`, gbogbo dúráífà tó wà níbẹ̀ máa yọ, ẹ pa èyí tó jẹ́ ti púríńtà yín rẹ́, kí ẹ tún un gbé sórí ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbà wá tó wákàtí méjì torí dátà ò yá, àmọ́ ó ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n Ìwó Road

Ìyá wa, ẹ kú wàhálà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì pa dúráífà kankan rẹ́. Ẹ dúró ná.

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó tíì rí fọ́tò yín, àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ti àkọ́kọ́ yẹn, àdírẹ́sì ibi tí fọ́tò wà nínú kọ̀ǹpútà yín lẹ péèsìtì, fọ́tò fúnra ẹ̀ ò tẹ̀ lé e. Ẹ wò ó bó ṣe bẹ̀rẹ̀, `file:///C:/`, C yẹn, ikùn kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ bá ń lò lọ́wọ́ ni. Tí èmi bá tẹ̀ ẹ́ níbí, ikùn kọ̀ǹpútà tèmi ló máa lọ wá a sí, kò sì lè rí i níbẹ̀. Ó dà bíi kéèyàn sọ fún yín pé owó yín wà lábẹ́ ìrọ̀rí, kí ẹ wá lọ gbé ìrọ̀rí tiyín sókè. Lójú tiyín ó máa ṣí dáadáa, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi rò pé a ti rí i. Ti ìkejì, orúkọ fáìlì nìkan ló wọlé, ó jọ pé dátà já kí fọ́tò tó gòkè tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń fún wọn ní oògùn, kí lẹ fi yẹ̀ wọ́n wò? Ọmọ Mọ́kọ́lá, màmá ní 7 wà nínú ohun táwọn rí, kò sí 7 kankan nínú 0x0000011b. Apẹ̀tẹ̀, 0x0000007e ní 7 lóòótọ́, àmọ́ 0x00000709 náà ní in, púríńtà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni àwọn méjèèjì sì máa ń bá jà. Ti 7e, fáìlì kan ló sọnù. Ti 709, ó ní òun ò gba orúkọ púríńtà tí wọ́n fún òun. Ẹ wá pa dúráífà rẹ́ nítorí 709, ẹ máa lo wákàtí méjì yẹn lásán, kò ní yí nǹkan kan padà.

Màmá, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé. Ẹ jẹ́ kí àpótí yẹn yọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má tẹ OK. Ẹ má jẹ́ kí kásítọ́mà tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi máósì tẹ orí àpótí yẹn lẹ́ẹ̀kan kó lè mọ̀ pé òun lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, kí ẹ wá di Ctrl mú kí ẹ tẹ C. Kò ní ṣe bí ẹni pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, àmọ́ ó ti kọ́pì ẹ̀. Ẹ ṣí Notepad, ẹ di Ctrl mú kí ẹ tẹ V. Gbogbo ohun tó wà lójú àpótí yẹn máa jáde bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀, títí dórí OK tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ìyẹn ni kí ẹ péèsìtì síbí. Ọ̀rọ̀ lásán ò ní dátà tó ń jẹ, kò sì ní sí pé bóyá 8 ni tàbí B, bóyá òdo ni tàbí O, torí mo ti rí ọjọ́ tí ẹnì kan ka 6 dípò b látinú fọ́tò tí ò hàn, tí a fi odindi ọ̀sán wá ohun tí kò sí.

Kì í ṣe gbogbo àpótí ló máa ń gbà kéèyàn kọ́pì òun báyìí o, àwọn sọ́fítíwíà míì ya àpótí tiwọn fúnra wọn. Tó bá kọ̀, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe rí i, lẹ́tà kan ò gbọdọ̀ yẹ̀. Lẹ́yìn x yẹn, nọ́ńbà mẹ́jọ ló máa ń wà, ẹ kà wọ́n.

Ẹ tún bá mi kọ nǹkan méjì míì mọ́ ọn: kọ̀ǹpútà wo ni àpótí yẹn yọ lórí ẹ̀, kí lẹ sì tẹ̀ kó tó yọ. Ẹ tẹ `winver` lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì, kí ẹ sọ ohun tó kọ fún wa.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín jiyàn, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì kọ́ ni mo ti rí 11b yìí. Tẹ́nì kan bá ti ní òun ra kọ̀ǹpútà tuntun, púríńtà ìpínlò ò gbà á, òun ló sábà máa ń jẹ́. Kí màmá kàn gbìyànjú ẹ̀ ná, kí ló máa bàjẹ́ níbẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Ìwó Road

Ohun tó máa bàjẹ́ wà, àbúrò. Ohun tí ábúdéètì yẹn ṣe ni pé kí kọ̀ǹpútà tó ń bá púríńtà sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa bò ó láṣìírí, kí ẹlòmíì má lè dá sí i. 0 tẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi síbẹ̀ yẹn, ó ṣí ìlẹ̀kùn yẹn padà. Ẹ sì mọ bí ṣọ́ọ̀bù Agbowó ṣe rí, gbogbo ọmọ tó bá wá tẹ̀wé ló máa béèrè pásíwọ́ọ̀dù wáífáì. Ká ní 11b ni lóòótọ́, tí kọ̀ǹpútà méjèèjì sì ti gba ábúdéètì tán tó ṣì ń yọ, kéèyàn ro ó nígbà yẹn. Àmọ́ èyí tí a ò tíì mọ̀ yìí, rárá o. Màmá, ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà ńlá yẹn:

```
reg delete "HKLM\System\CurrentControlSet\Control\Print" /v RpcAuthnLevelPrivacyEnabled /f
```

Tó bá ti yọ, ẹ ríìsítáàtì.

Màmá Bódìjà

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà, torí fọ́tò yìí náà ló fẹ́ kó bá mi. Èsìí ni kọ̀ǹpútà ilé wa ń kú lójijì, síkíríìnì á di búlúù, ọ̀rọ̀ á wà níbẹ̀, kí n tó sáré mú fóònù á ti kú, á tún tan ara ẹ̀ padà. Ìgbà tí mo wá rí i yà, ọwọ́ mi gbọ̀n, kò sí ohun téèyàn lè kà níbẹ̀. Mo fi han ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí wa, ó wo fọ́tò tí ò hàn yẹn, ó ní Windows ló bàjẹ́, ká pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ ká tún un gbé. Àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wa àti gbogbo fọ́tò ìsìnkú ìyá mi ló wà nínú ẹ̀.

Ọmọ mi tó wà ní Pólì ló ní ká dúró. Ó ṣí ohun kan tí wọ́n ń pè ní Event Viewer, ó wọ Windows Logs, ó wọ System, ó wá BugCheck, nọ́ńbà 1001. Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò tó kú, kọ̀ǹpútà ti fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. 0x0000007a ló kọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, nọ́ńbà kan náà. Ọmọ mi ní ìyẹn máa ń jẹ́ pé kọ̀ǹpútà fẹ́ ka nǹkan látinú díìsìkì, kò rí i kà. A kọ́kọ́ kó fáìlì wa kúrò, a ní kí wọ́n ṣí i, kéébù tó so díìsìkì ló ti dẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ kéébù, kò kú mọ́ títí di òní.

Ìyá Agbowó, bóyá tiyín náà wà níbẹ̀, ẹ lọ wò ó.

Ẹ̀gbọ́n Ìwó Road

Màmá Bódìjà, ọmọ yín gbọ́n, ó ṣe é bó ṣe yẹ. Àmọ́ ibi yẹn ò ní ran ìyá Agbowó lọ́wọ́, torí kọ̀ǹpútà tiwọn ò kú. BugCheck, ìgbà tí Windows bá wó lulẹ̀ pátápátá ló máa ń kọ ọ́. Ti púríńtà ní ibi tiẹ̀, nínú Event Viewer yẹn náà, Applications and Services Logs, Microsoft, Windows, PrintService, Admin. Ẹ lè yọjú síbẹ̀ o, màmá Agbowó, àmọ́ mi ò fọkàn sí i púpọ̀, torí ìgbà míì tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ fẹ́ so púríńtà mọ́ ọn ló ti kọ̀, kì í kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ctrl àti C yẹn ló yá jù.

Onípọ́ọ̀sì Ṣángo

Háà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e. Mo rò pé fọ́tò tí ò lọ ni màmá ń béèrè. Ẹ má bínú.

Alátẹ̀wé Agbowó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Iná lọ látọ̀sán, jẹnẹrétọ̀ mi ò gbé púríńtà, ìyẹn ni mi ò fi tètè dáhùn. Mo ti yọ ti Ọmọ Mọ́kọ́lá kúrò. Ẹ̀gbọ́n, Ctrl àti C yẹn yà mí lẹ́nu, ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń tẹ̀wé, mi ò mọ̀ pé àpótí yẹn ṣeé kọ́pì. Ohun tó jáde rèé:

```
[Window Title]
Connect to Printer

[Content]
Windows cannot connect to the printer.

Operation failed with error 0x00000709.

[OK]
```

Orí làpútọ́ọ̀pù tuntun ló ti yọ. Ohun tí mo ṣe kó tó yọ ni pé mo ṣí kọ̀ǹpútà ńlá látinú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo rí púríńtà níbẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Winver kọ Windows 11, Version 23H2 lórí làpútọ́ọ̀pù, ó kọ Windows 10, Version 22H2 lórí kọ̀ǹpútà ńlá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Apẹ̀tẹ̀

Kì í ṣe tèmi nígbà yẹn. Mo lọ wo nọ́ńbà yẹn fúnra mi báyìí. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn x, ìṣirò tiwọn ni, tí wọ́n bá yí 709 yẹn sí ìṣirò tiwa, 1801 ló máa jẹ́. Mo tẹ `net helpmsg 1801` lórí kọ̀ǹpútà mi, ó ní:

```
The printer name is invalid.
```

Ìyẹn ni pé orúkọ púríńtà ló burú. Màmá, orúkọ wo lẹ fún púríńtà yẹn? Tó bá gùn, tàbí tí àlàfo bá pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ gé e kúrú.

Alátẹ̀wé Agbowó

PRINTER1 ni mo pè é láti ọjọ́ tó ti wà. Làpútọ́ọ̀pù àtijọ́ ń fi orúkọ yẹn tẹ̀wé títí di Ọjọ́bọ̀ tó kọjá.

Ẹ̀gbọ́n Ìwó Road

Ó ti dé. Ẹ ṣé gan-an màmá, a ti wá ń sọ̀rọ̀ nǹkan kan ṣoṣo báyìí.

Apẹ̀tẹ̀, ìtumọ̀ nọ́ńbà yẹn tó o wá rí, ó pé. Àmọ́ ohun tí Windows sọ yàtọ̀ sí ohun tó fà á. PRINTER1 ò burú, kọ̀ǹpútà méjì ti ń lò ó. Màmá sì ti sọ pé àwọn rí púríńtà yẹn nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, a jẹ́ pé làpútọ́ọ̀pù mọ ilé tí kọ̀ǹpútà ńlá wà, ó kan ilẹ̀kùn, wọ́n ṣí fún un. Ibi tó ti wá fẹ́ bá Print Spooler sọ̀rọ̀ gan-an, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń gba iṣẹ́ fún púríńtà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ò ti yé ara wọn. Kò rí èsì gbà, ló bá ní orúkọ tí wọ́n fún òun ò dáa.

Ẹ wá wo winver yẹn. Láti Windows 11 22H2 ni Microsoft ti yí ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà bá Spooler orí kọ̀ǹpútà míì sọ̀rọ̀ padà. Tẹ́lẹ̀, named pipes ló ń gbà. Ní báyìí, TCP ló kọ́kọ́ máa ń gbà. Làpútọ́ọ̀pù màmá jẹ́ 23H2, ọ̀nà tuntun ló ń gbà wá. Windows 10 ló wà lórí kọ̀ǹpútà ńlá. Níbi púpọ̀ wọ́n máa ń gbọ́ ara wọn bẹ́ẹ̀ náà, níbi míì wọn kì í gbọ́, fáyáwọ́ọ̀lì lè dí ọ̀nà tuntun yẹn. Ìdí tí làpútọ́ọ̀pù àtijọ́ fi ń ṣe é nìyẹn, tí tuntun kò fi ṣe é, púríńtà kan náà, orúkọ kan náà.

Màmá, ẹ ṣe é lórí làpútọ́ọ̀pù tuntun, kì í ṣe kọ̀ǹpútà ńlá o. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ cmd, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máósì tẹ̀ ẹ́, ẹ mú Run as administrator. Kí ẹ wá kọ́pì àwọn ìlà yìí síbẹ̀ níkọ̀ọ̀kan:

```
reg add "HKLM\SOFTWARE\Policies\Microsoft\Windows NT\Printers\RPC" /v RpcUseNamedPipeProtocol /t REG_DWORD /d 1 /f
net stop spooler
net start spooler
```

Ìlà àkọ́kọ́ yẹn ní kó máa gba ọ̀nà àtijọ́. Tó bá ṣe é, `The operation completed successfully.` ló máa kọ. Tó bá jẹ́ `Access is denied.` ló kọ, ẹ ò fi administrator ṣí i nìyẹn, ẹ tì í kí ẹ tún un ṣí. Tẹ́ ẹ bá ti tan Spooler padà, ẹ tún lọ tẹ púríńtà yẹn lẹ́ẹ̀mejì bí ẹ ṣe ṣe tẹ́lẹ̀.

Tó bá tún yọ àpótí, ẹ má ya fọ́tò. Ctrl àti C. Ó lè jẹ́ 709 náà ni, ó sì lè ti yí padà sí nọ́ńbà míì, ìyẹn gan-an á sọ fún wa pé a ti kọjá ibi kan.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n béèrè tọkàntọkàn. Ẹ ní tèmi ń ṣí ìlẹ̀kùn, èyí tẹ́ ẹ fún màmá yìí ńkọ́, ṣé kì í ṣe ọ̀nà àtijọ́ tí Microsoft ń kúrò lórí ẹ̀ lẹ tún ní kí wọ́n padà sí?

Ẹ̀gbọ́n Ìwó Road

Ìbéèrè gidi ni. Wọn ò dọ́gba. Tìrẹ, kọ̀ǹpútà tí gbogbo èèyàn ń wá bá ló dín ààbò ẹ̀ kù, ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí wáífáì yẹn ló kàn. Tèmi, làpútọ́ọ̀pù kan ló kàn ń yan ọ̀nà tó máa gbà jáde, kọ̀ǹpútà ńlá ò yí padà, bíbò tí ábúdéètì 2021 ní kí wọ́n máa bò ó ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ bóyá kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí lọ, èmi fúnra mi ò fẹ́ ẹ. Ká ní púríńtà màmá ní ojú kéébù nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiẹ̀ ni, mi ò bá ní kí wọ́n so ó mọ́ ráútà tààrà, kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan máa fi àdírẹ́sì IP bá a sọ̀rọ̀, kò ní sí pé kọ̀ǹpútà kan ń bá èkejì tọrọ.

Alátẹ̀wé Agbowó

USB nìkan ló wà lára ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀.

Màmá Bódìjà

Mo ń dúró gbọ́ o.

Alátẹ̀wé Agbowó

Ó TẸ̀ Ẹ́! Àkọ́kọ́ ó kọ Access is denied bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ, mo tì í, mo tún un ṣí, ó ṣe é. Mo tan Spooler padà, mo tẹ púríńtà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ń wá dúráífà, ó pẹ́ díẹ̀, ó wọlé. Mo ti tẹ próójẹ́ẹ̀tì ọmọ kan jáde, ojú ewé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ọmọ yẹn ń bá mi fò níbí. Ẹ̀gbọ́n Ìwó Road, Ọlọ́run á máa gbé yín ga. Apẹ̀tẹ̀, Ọmọ Mọ́kọ́lá, ẹ̀yin náà, mo dúpẹ́.

Nǹkan kan ló kù. Kọ̀ǹpútà kẹta, Windows 10 ni òun náà, kò sí wàhálà lára ẹ̀ látàárọ̀, àmọ́ látìgbà tí mo ti ríìsítáàtì kọ̀ǹpútà ńlá ló ti ń béèrè orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù kó tó jẹ́ kó wọ púríńtà. Mo tẹ pásíwọ́ọ̀dù tí mo fi ń ṣí i, ó kọ̀, ó kọ nǹkan kan ní pupa nísàlẹ̀.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ṣé kì í ṣe pé ẹ pa pásíwọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà ńlá dà ni mà? Àbí kí wọ́n lọ pa Password protected sharing, ẹ̀gbọ́n?

Ẹ̀gbọ́n Ìwó Road

Rárá, kò tíì kan pípa nǹkan kan. Màmá, ohun tó kọ ní pupa nísàlẹ̀ yẹn, kí ló kọ? Ìyẹn ò ní gba Ctrl àti C, ẹ bá mi fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Tó bá jẹ́ `The user name or password is incorrect.` ni, orúkọ tẹ́ ẹ kọ la máa kọ́kọ́ wò, torí orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà ńlá ló ń béèrè, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ jókòó tì. Tó bá jẹ́ nǹkan míì ló kọ, ẹ má tíì tẹ nǹkan kan, ẹ kọ ọ́ síbí ná.

Alátẹ̀wé Agbowó

Iná tún ti lọ. Tó bá dé, mo máa kọ ọ́ síwèé kí n tó tẹ OK.